Kọ̀ǹpútà Yára Sí I, Ìfò Wá Kúrú

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọ̀dọ́ kan kọ gẹ́ẹ̀mù kékeré kan. Ọmọ inú gẹ́ẹ̀mù náà ní láti fo ògiri tó ga ní 120 píksẹ́lì. Lórí kọ̀ǹpútà ẹni tó kọ ọ́, ọmọ náà ń fò ó kọjá láìsí wàhálà. Lórí kọ̀ǹpútà ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó yára ní ìlọ́po méjì, ó kàn fò kọjá ìdajì ọ̀nà díẹ̀ ni kó tó já bọ́. Lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan, ó fò kọjá ibi tó yẹ pátápátá. Bẹ́ẹ̀, kóòdù kan náà ni gbogbo wọn ń lò.

Ohun tó fà á kò ju báyìí lọ. Kọ̀ǹpútà máa ń ya àwòrán kan, á sún àwọn nǹkan inú rẹ̀ díẹ̀, á sì tún ya òmíràn. Àwòrán kọ̀ọ̀kan là ń pè ní fíréèmù. Kọ̀ǹpútà ọ̀dọ́ yìí ń ya fíréèmù 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń ya 120, ti àtijọ́ ń ya 30. Ní fíréèmù kọ̀ọ̀kan, ìlà méjì yìí ló ń ṣiṣẹ́:

```
vy = vy - 20
y = y + vy * dt
```

`vy` ni eré tí ọmọ náà fi ń lọ sókè, `y` ni bó ṣe ga tó, `dt` sì ni àkókò tó kọjá láàárín fíréèmù kan sí èkejì. Bó bá ti fò, eré 600 píksẹ́lì ní ìṣẹ́jú àáyá la fún un. Ìlà kejì ka àkókò sí, nítorí `dt` wà níbẹ̀. Ìlà kìíní, tó dúró fún bí ilẹ̀ ṣe ń fa ọmọ náà padà, kò mọ àkókò rárá. Fíréèmù ló ń kà. Ó dà bí agbowó-ọjà tó ń gba ogún náírà nígbàkígbà tó bá kọjá, dípò kó gbà á lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́: ẹni tó bá ń kọjá léraléra ló máa tètè sọ oníṣòwò di aláìlówó.

Ẹ wò ó báyìí: bí 20 bá ń kúrò nínú 600, fíréèmù 30 ló máa gbà kí eré tó tán, lórí kọ̀ǹpútà yòówù. Àmọ́ fíréèmù 30 jẹ́ ààbọ̀ ìṣẹ́jú àáyá lórí kọ̀ǹpútà tó ń ya 60, ìdá mẹ́rin rẹ̀ lórí èyí tó ń ya 120, àti odindi kan lórí ti àtijọ́. Bí a bá ṣírò rẹ̀, ìfò á ga ní píksẹ́lì 145 lórí àkọ́kọ́, 72.5 lórí èyí tó yára, àti 290 lórí ti àtijọ́.

Ká ní ìlà méjèèjì ni kò ka àkókò sí, gíga ìfò ì bá dọ́gba níbi gbogbo. Kìkì pé ọmọ náà á máa yára fò níbì kan, á sì máa rọra fò níbòmíràn. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i pé gíga ló ń yàtọ̀, ẹ mọ̀ pé ìlà kan ń ka àkókò, èkejì ń ka fíréèmù.

Àtúnṣe àkọ́kọ́ rọrùn. 20 lọ́nà 60 jẹ́ 1200, torí náà:

```
vy = vy - 1200 * dt
```

Gíga ìfò wá di 145, 147.5 àti 140. Ìyàtọ̀ ńlá ti lọ, ṣùgbọ́n díẹ̀ kù, nítorí eré ń yí padà láàárín fíréèmù kan, tí kóòdù sì ń lo ti ìparí rẹ̀ nìkan. Bí ògiri bá ga ní 142, ẹni tó ní kọ̀ǹpútà àtijọ́ kò ní lè kọjá.

Bí a bá fẹ́ kó dọ́gba pátápátá, à á ya ìṣírò ìrìn sọ́tọ̀ kúrò lára yíya àwòrán. Ìgbà 60 la ó máa ṣírò ní ìṣẹ́jú àáyá, yálà kọ̀ǹpútà yára tàbí ó falẹ̀. Èyí tó ń ya 30 á ṣírò lẹ́ẹ̀mejì kó tó ya àwòrán kan. Èyí tó ń ya 120 á ṣírò ní fíréèmù kan, á sì fo èkejì. Gbogbo wọn á gba 145.

Irú ìṣòro yìí wọ inú gẹ́ẹ̀mù ńlá náà. Nínú Quake III Arena, tí id Software gbé jáde ní 1999, agbára tó ń fa ènìyàn sílẹ̀ jẹ́ 800, a sì máa ń sọ eré di odindi nọ́ńbà ní fíréèmù kọ̀ọ̀kan. Bí fíréèmù bá jẹ́ 125, ohun tó yẹ kó kúrò nígbà kọ̀ọ̀kan ni 6.4, ṣùgbọ́n 6 ló ń kúrò. Fífà yẹn wá di 750, ìfò sì ga sí i. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ta ọta nínú rẹ̀ fi ń tẹ `com_maxfps 125`, tí ìtòlẹ́sẹẹsẹ `pmove_fixed` sì wà láti mú kí ìṣísẹ̀ gbogbo ènìyàn dọ́gba.

Ẹni tó ń kọ gẹ́ẹ̀mù lè yẹ tirẹ̀ wò lórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo. Kó fi òté sí fíréèmù ní 30, kó fò, kó kọ `y` tó ga jù sílẹ̀. Kó tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní 120. Bí nọ́ńbà méjèèjì bá jìnnà síra, kó wá gbogbo ibi tí eré ti ń pọ̀ sí i tàbí dínkù láìsí `dt`. Àmọ́ kó má fi `dt` kan 600 tí ọmọ náà fi bẹ̀rẹ̀ ìfò o: ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la fún un ní ìyẹn, kì í ṣe ní fíréèmù kọ̀ọ̀kan.