Jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ tí ń rìn díẹ̀díẹ̀

Kí a fi oníṣòwò kan ní Banikanni ṣe àpẹẹrẹ. Ó ń rù, òógùn ń bò ó lóru, abẹ́ ìhà òsì rẹ̀ sì wú. Ó rò pé ibà ni. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni ó fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ.

Inú mùdùnmúdùn egungun ni ọ̀ràn náà ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì ní okùn tín-ín-rín tí a ń pè ní kromosómù, òun ni ó ń darí rẹ̀. Okùn kẹsàn-án àti okùn kejìlélógún já, wọ́n sì gbé ègé ara wọn. Ojú ibi tí wọ́n ti so pọ̀ ń pàṣẹ láìsinmi pé kí sẹ́ẹ̀lì máa pọ̀ sí i. Àrùn náà kì í ràn, a kì í sì í jogún rẹ̀.

Oògùn imatiníbù ni ó ń dí àṣẹ náà lọ́nà. Ó jáde ní 2001. Láti 2003, àwọn aláìsàn ti ń gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ ní Ilé-Ifẹ̀, ní Nàìjíríà. Mílígíráàmù 400 lójúmọ́ ni ó wọ́pọ̀, pẹ̀lú oúnjẹ àti ife omi ńlá kan.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ìhà rọ̀, ara yá. Ìgbà náà gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dá oògùn dúró, àṣìṣe ńlá sì ni. Àwọn sẹ́ẹ̀lì aláìsàn díẹ̀ ṣì fara pamọ́, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lásán kò sì lè rí wọn. Àyẹ̀wò àkànṣe ni ó ń wá ojú ìsopọ̀ náà. Bí iye rẹ̀ bá ń gòkè, dókítà lè pààrọ̀ oògùn.