Lẹ́tà Ìyá Ẹlẹ́wà sí Máníjà Báǹkì

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láàyè díẹ̀ sí i." Máníjà báǹkì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí títí tí etí rẹ̀ ti kún, kò sì sí ohun tó lè fi ṣe. Mélòó ni "díẹ̀"?

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá kan tó ń ta ẹ̀wà lọ́jà Bódìjà, ní Ìbàdàn, ṣe àpẹẹrẹ. Ó yá 1,200,000 náírà fún oṣù 12. Èlé rẹ̀ jẹ́ náírà 3 lórí 100 lóṣooṣù, orí gbogbo owó tó yá ni wọ́n sì ń ṣírò rẹ̀ sí. 100,000 ojú owó àti 36,000 èlé, 136,000 ló ń san lóṣù. Ó san án fún oṣù 5 láìyẹ̀, kí kòkòrò tó wọ inú àpò ẹ̀wà tó kó pamọ́, tó fi tà á láìjèrè. Gbèsè ojú owó ku 700,000.

Lẹ́tà tó gbọ́n lọ báyìí: "Ọ̀gá, mo kí yín o. Lóṣù, mò ń ta ọjà 1,500,000. 1,300,000 ni mo fi ń rà á. Ṣọ́ọ̀bù, ọkọ̀ àti alábàárù ń gba 60,000, oúnjẹ ilé ń gba 60,000. 80,000 ló ń kù. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí n fi oṣù 14 san èyí tó kù, 50,000 ojú owó lóṣù pẹ̀lú èlé rẹ̀."

Èlé oṣù àkọ́kọ́ jẹ́ 21,000, àpapọ̀ rẹ̀ 71,000. Kò ní kó gbogbo 80,000 sílẹ̀, nítorí ẹni tó bá ṣèlérí dé kọ́bọ̀ tó kẹ́yìn yóò tún yẹ̀ lọ́jọ́ tí ọmọ bá ṣàìsàn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ń kọsẹ̀ sí ni èlé. Tí báǹkì bá ń ṣírò rẹ̀ sórí 700,000 títí dé ìparí, 294,000 ni yóò san, ó sì ju 252,000 tó kù nínú àdéhùn àtijọ́ lọ. Ṣùgbọ́n bí èlé bá ń tẹ̀lé ohun tó kù, tí oṣù kejì fi di 69,500, gbogbo rẹ̀ yóò jẹ́ 157,500. Ó yẹ kó béèrè èyí, bí báǹkì kò tilẹ̀ gbà.

Kí ó má dúró di ìgbà tó bá jẹ gbèsè kọjá 30 ọjọ́ kó tó kọ̀wé, nítorí báǹkì yóò ti máa yọ owó sílẹ̀ dè é bíi gbèsè tó fẹ́ bàjẹ́. Kí àwọn onídùúró rẹ̀ náà fọwọ́ sí àdéhùn tuntun. Bí wọn kò bá mọ̀ nípa rẹ̀, wọ́n lè ní ọwọ́ àwọn kò sí níbẹ̀.

Máníjà yóò wá ṣí ìwé ìtajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkọsílẹ̀ àkáǹtì. 1,500,000 lóṣù, 400,000 péré ló wọ báǹkì? Ìdí nìyí tí ìyá ẹlẹ́wà fi mú káàdì alájọ rẹ̀ dání.