Páálí Wo, Báàṣì Wo, Orí Pẹpẹ Wo: Bí Alágbàtà Oògùn Ṣe Ń Tọ́jú Sítọ́ọ̀

Nínú sítọ́ọ̀ alágbàtà tó ń ta oògùn ní páálí páálí, mímọ iye ọjà tó wà nílẹ̀ nìkan kò tó. Bí ìwé bá sọ pé oògùn ibà kù 650 páálí, ó ku ohun mẹ́ta tí kò tíì sọ: orí pẹpẹ wo ni páálí kọ̀ọ̀kan wà, inú báàṣì wo ni wọ́n ti ṣe é, ọjọ́ wo sì ni agbára rẹ̀ yóò parí. Orí ìlà kan náà ló yẹ kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà, yálà nínú ìwé ńlá tàbí nínú kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú iye páálí níwájú wọn.

Báàṣì ni gbogbo oògùn tí ilé iṣẹ́ pò lẹ́ẹ̀kan náà láti inú èròjà kan náà, bí búrẹ́dì tí wọ́n gé láti ara ìyẹ̀fun kan tí wọ́n sì yan pọ̀. Bí iyọ̀ bá pọ̀ jù nínú ìyẹ̀fun ọ̀hún, gbogbo búrẹ́dì ibẹ̀ ló máa níyọ̀, èyí tí wọ́n yan lánàá kò sì mọ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà báàṣì fi wà lára páálí, lára pákẹ́ẹ̀tì, àti lára ìgò tàbí ike oògùn fúnra rẹ̀. Ní ọdún 2008, kẹ́míkà olóró kan tó ń jẹ́ dàyẹ́tílíìnì gíláíkọ́ọ̀lù wọ inú oògùn olómi My Pikin, èyí tí àwọn ìyá ń fún ọmọ tó ń hu eyín ní Nàìjíríà. Kíndìnrín àwọn ọmọ náà daṣẹ́ sílẹ̀, ó sì lé ní 80 ọmọ tó kú. Nígbà tí irú nǹkan báyìí bá ṣẹlẹ̀, nọ́ńbà báàṣì ni wọ́n fi ń wá oògùn tó lóró náà kiri, láti ilé iṣẹ́ dé ọ̀dọ̀ alágbàtà, títí dé kẹ́mísì àdúgbò.

Àdírẹ́sì pẹpẹ ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣètò. Wọ́n á fi lẹ́tà pe ọ̀nà tó wà láàárín àwọn pẹpẹ, wọ́n á fún pẹpẹ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, wọ́n á sì fún àyè kọ̀ọ̀kan lórí pẹpẹ ní tirẹ̀. B-07-2, fún àpẹẹrẹ, ni ọ̀nà B, pẹpẹ keje, àyè kejì láti ìsàlẹ̀. Wọ́n á kọ ọ́ gàdàgbà, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ etí pẹpẹ, kì í ṣe mọ́ páálí. Òfin kan wà tí sítọ́ọ̀ tó mọṣẹ́ kì í fi ṣeré: báàṣì méjì ti oògùn kan náà kì í gbé àyè kan. Ẹni tí àyè ń há fún lè máa rò pé òfin yìí ń fi ibi ìkẹ́rù ṣòfò, ṣùgbọ́n bí ó bá da báàṣì méjì pọ̀, ojú àti làákàyè ẹni tó ń kó ọjà ni gbogbo rẹ̀ wá gbára lé. Oògùn tó ń fẹ́ òtútù, irú bí ínsúlíìnì, ní àdírẹ́sì tirẹ̀ nínú yàrá tútù tí ìwọ̀n ooru rẹ̀ kò kúrò láàárín 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì. Àwọn àyè kan sì wà tí wọ́n fi ọgbà ká: ti ọjà tí wọn kò tíì yẹ̀ wò, ti ọjà tí oníbàárà dá padà, àti ti èyí tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá.

Ẹnu ọ̀nà, níbi tí wọ́n ti ń gba ọjà wọlé, ni àṣìṣe tó le jù ti ń wáyé, nítorí ohun tí wọ́n bá kọ níbẹ̀ ni gbogbo sítọ́ọ̀ yóò máa tẹ̀ lé. Ẹni tó ń gba ọjà kò gbọ́dọ̀ da báàṣì kọ láti inú ìwé tí dẹ́rẹ́bà mú wá. Ara páálí ló yẹ kó ti kà á, kó sì ṣí díẹ̀ lára wọn wò, torí báàṣì méjì lè wà nínú ẹrù kan ṣoṣo. Á tún kíyè sí i kó má fi ọjọ́ tí wọ́n ṣe oògùn pe ọjọ́ tí yóò parí, kó má sì fi lẹ́tà O pe òdo. Bí oṣù àti ọdún nìkan bá wà lára páálí, ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù náà ni òpin rẹ̀: 05/2027 dúró fún ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún. Àmì onígun mẹ́rin tó kún fún tóótòòtó lára ọ̀pọ̀ páálí òde òní máa ń gbé gbogbo èyí sínú. Bí ẹ̀rọ bá kà á, irú nǹkan báyìí ló máa hàn:

```
(17)270500(10)2402P
```

17 ló ń ṣáájú ọjọ́ ìparí, tí wọ́n kọ ọdún rẹ̀ síwájú oṣù, 00 tó kẹ́yìn sì ń sọ pé kí wọ́n ka oṣù náà dé òpin. 10 ló ń ṣáájú báàṣì.

Ká wá gba pé alágbàtà kan ra 400 páálí oògùn ibà onípò méjì, atẹ́mẹ́tà pẹ̀lú lumẹfantíríìnì, ní oṣù kìíní ọdún 2026. Báàṣì rẹ̀ ni 2407K, yóò sì parí ní 11/2027. Ní oṣù kẹta, 250 páálí mìíràn tún wọlé, báàṣì 2402P. Èyí ti pẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó kó o wọ̀lú, nítorí náà 05/2027 ni tirẹ̀ yóò parí. Bí ìwé sítọ́ọ̀ ṣe rí nìyí:

```
AL 20/120  2402P  05/2027  B-07-1  200
AL 20/120  2402P  05/2027  B-07-2   50
AL 20/120  2407K  11/2027  B-04-1  200
AL 20/120  2407K  11/2027  B-04-2  200
```

Oníbàárà kan béèrè 300 páálí ní oṣù kẹrin. Ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ló máa ń sọ pé èyí tó kọ́kọ́ wọlé ni kó kọ́kọ́ jáde, àṣà yẹn sì dára fún síméńtì. Nínú oògùn, èyí tí ọjọ́ rẹ̀ súnmọ́ òpin jù ló ń kọ́kọ́ jáde, ì báà jẹ́ àná ló wọlé. Kọ̀ǹpútà yóò ní kí wọ́n kó 200 ní B-07-1, 50 ní B-07-2, kí wọ́n tó wá fi 50 láti B-04-1 kún un. Ibi kan wà tí òfin yìí ti ń yà díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ilé ìwòsàn ńlá kan ló fẹ́ rà, tí àdéhùn rẹ̀ sì sọ pé oògùn tí wọ́n bá gbé wá gbọ́dọ̀ ní ọdún kan àbọ̀ lára, 2402P kò lè débẹ̀, torí oṣù mẹ́tàlá péré ló kù fún un. 2407K ni wọ́n máa kó fún ilé ìwòsàn náà. Inú àkọsílẹ̀ oníbàárà ni irú àdéhùn yìí gbọ́dọ̀ wà. Bí orí ẹnìkan ṣoṣo nínú sítọ́ọ̀ ló bá wà, ọjọ́ tí onítọ̀hún bá lọ fún ìsinmi ni wọ́n máa kó ọjà tí ilé ìwòsàn yóò dá padà.

Nǹkan lè wọ́ níbi ìkójà yìí láìsí ẹni tó fura. Ẹni tí wọ́n rán dé B-07-1, ó kó 200. Kò rí 50 tó wà lókè ní B-07-2, tàbí kò fẹ́ gùn ún, ó bá gba B-04-1 lọ, ó kó 100 níbẹ̀. Oníbàárà gba 300 rẹ̀ pé. Ìwé sọ pé 350 ló kù, 350 náà ló sì wà nílẹ̀. Ẹni tó bá ka àpapọ̀ ọjà lópin oṣù yóò fọwọ́ sí i pé kò sí wàhálà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, 50 páálí 2402P tí ìwé ní wọ́n ti tà ṣì jókòó lókè pẹpẹ, 50 páálí 2407K sì ti lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ìwé kò mọ̀ pé ó wà.

Ohun tó máa ń tú àṣìṣe náà fó ni àyè tí ìwé pè ní òfìfo. Kọ̀ǹpútà yóò rán ẹrù tuntun lọ sí B-07-2, ẹni tó gbé e lọ yóò sì bá páálí níbẹ̀. Ẹlòmíràn kàn máa ń ti páálí àtijọ́ sẹ́yìn kó lè rí àyè fún tuntun, ìyẹn ló sì burú jù. Ohun tó yẹ kó ṣe ni kó dúró, kó ka báàṣì ohun tó bá níbẹ̀, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Nítorí èyí ni sítọ́ọ̀ tó gbáradì kì í dúró de òpin ọdún kó tó ka ọjà. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ka àyè díẹ̀, àyè kan lẹ́yìn òmíràn, báàṣì kan lẹ́yìn òmíràn, àti àwọn àyè tó yẹ kó ṣófo pẹ̀lú.

Láti dènà rẹ̀, wọ́n máa ń fi ẹ̀rọ ka àmì etí pẹpẹ àti àmì ara páálí kí ọjà tó kúrò níbẹ̀. Níbi tí kò bá sí ẹ̀rọ, ọ̀nà kan wà tí kò náni lówó. Ìwé ìkójà á sọ àyè tí wọ́n máa lọ, ṣùgbọ́n wọn kò ní tẹ nọ́ńbà báàṣì sí i. Ẹni tó ń kó ọjà ló máa kà á lára páálí, tó sì máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Ẹlòmíràn yóò fi ohun tó kọ wé ìwé sítọ́ọ̀ kí páálí tó wọ ọkọ̀. Bí wọ́n bá ti tẹ báàṣì sí ìwé ìkójà tẹ́lẹ̀, àmì máàkì lásán ni èèyàn máa ń fi sí i.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí àṣìṣe kékeré yẹn dá sílẹ̀ bí ìròyìn bá dé pé kí wọ́n kó báàṣì 2407K padà. Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ni láti ti báàṣì náà pa lórí kọ̀ǹpútà, kí páálí kankan má baà jáde mọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á kó èyí tó kù lọ sínú ọgbà, wọ́n á sì tú ìnfọ́ìsì wò láti mọ gbogbo ẹni tó ra nínú rẹ̀ àti iye tó rà. Wọ́n á pè wọ́n, wọ́n á sì máa ṣírò: ohun tó wọlé gbọ́dọ̀ bá ohun tó wà nílẹ̀ àti ohun tó jáde mu. Ṣùgbọ́n ìwé yóò sọ pé 50 péré ni oníbàárà yẹn gbà, nígbà tó jẹ́ pé 100 ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá dá 50 padà, wọ́n á gbà pé ó ti pé, 50 yòókù á sì máa dé ọwọ́ aláìsàn. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni kí wọ́n má sọ iye fún oníbàárà. Kí wọ́n ní kó ka gbogbo 2407K tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó sì sọ ohun tó bá.

Ní ti ọjọ́ ìparí, kí kọ̀ǹpútà kàn máa kéde pé oògùn kan kù oṣù mẹ́ta kò tó, nítorí kò sẹ́ni tó fẹ́ rà á mọ́ nígbà náà. Bí wọ́n ṣe ń tà á ló yẹ kí wọ́n fi wọn ọjọ́ tó kù. Bí báàṣì kan bá kù 150 páálí, tí wọ́n ń ta 20 lóṣù, tí oṣù mẹ́fà sì kù kó parí, 120 ni wọ́n lè tà. 30 ti di àdánù bí wọ́n bá ń wò ó níran. Oṣù mẹ́fà yẹn ni ìgbà tó yẹ láti din owó rẹ̀, láti wá ilé ìwòsàn tí ń lo irú rẹ̀ kíákíá, tàbí láti dá a padà fún ilé iṣẹ́ bí àdéhùn bá fàyè gbà á. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí aláìsàn ń ra ti oṣù méjì lẹ́ẹ̀kan tún ń fẹ́ kí wọ́n tètè ṣe é, torí òpin rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ bá ẹni tó rà á lẹ́nu lílò.

Èyí tó bá parí pátá, ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n ń kó o kúrò lórí pẹpẹ lọ sí yàrá tó ní kọ́kọ́rọ́, pẹ̀lú báàṣì àti iye rẹ̀ lákọsílẹ̀. Wọn kì í jù ú sí ààtàn, nítorí àwọn kan ń ṣa á láti tún ọjọ́ ara rẹ̀ kọ. Ilé iṣẹ́ yóò kọ̀wé sí NAFDAC, òṣìṣẹ́ àjọ náà yóò sì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń pa á run. Ẹ̀yìn ìgbà tí ìwé ẹ̀rí ìparun bá dé ni wọ́n tó ń yọ iye náà kúrò nínú ìwé sítọ́ọ̀.