Ibi tó yẹ kí pánẹ́ẹ̀lì sólà kọjú sí n'Ìbàdàn

Ìbàdàn wà ní nǹkan bí dígíìrì 7 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé. Láti oṣù kẹsàn-án títí di oṣù kẹrin, ìhà gúúsù ni oòrùn ọ̀sán gangan máa ń wà. Ó máa ń bọ́ sí àríwá lásìkò òjò, nígbà tí ìkùukùu sábà ń bò ó. Nítorí náà, gúúsù ló dára kí pánẹ́ẹ̀lì kọjú sí.

Dígíìrì 10 ni ìdàgẹ̀rẹ̀ tó bójú mu: etí òkè á fi nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 17 ga ju ti ìsàlẹ̀ lọ fún mítà 1. Bó bá tẹ́ jù, eruku ọyẹ́ á dì sí etí ìsàlẹ̀, á sì ṣíji bo ibẹ̀. Lórí òrùlé tí kò ga, ìlà-oòrùn tàbí ìwọ̀-oòrùn náà kò burú. Àdánù rẹ̀ lọ́dún kéré.