Ta Ló Jẹ Dátà Mọ́jú ní Felele?

Ṣé o mọ̀ pé ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn lè jẹ dátà ju èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ lọ? Ká ní ilé kan ní Felele, ní Lọ́kọ́jà, ra gígà 10 sórí máífáì lálẹ́ Sátidé. Fóònù méjì àti láptọ́ọ̀pù kan ló ń lò ó. Nígbà tí ilẹ̀ máa mọ́, ó ti tán. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni wọ́n máa kọ́kọ́ bú, bẹ́ẹ̀ inú ilé ló yẹ kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Dátà ti wọ́n sí i láti oṣù Kìíní 2025 tí NCC ti gbà kí àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lé owó wọn.

Ṣé o mọ̀ pé Wáì-Fáì lásán ni fóònù sábà máa ń ka máífáì sí? Kò mọ̀ pé owó lo fi ń rà á. O ti lè sọ fún Google Photos pé kó má fi dátà síìmù kó fọ́tò lọ. Tó bá ti rí máífáì, iṣẹ́ yá nìyẹn. Fídíò ìgbéyàwó oníṣẹ́jú mẹ́wàá lè tó gígà 1.3. Ti WhatsApp náà wà níbẹ̀, òru ló sì sábà máa ń ṣe tiẹ̀. Wọ `Chat backup`, kí o pa `Include videos`.

Ṣé o mọ bí wọ́n ṣe ń mú ọ̀daràn náà? Ṣí ojú ìwé máífáì fúnra rẹ̀ (àdírẹ́sì rẹ̀ wà lára máífáì, ó sábà máa ń jẹ́ 192.168.8.1 tàbí 192.168.0.1). Kọ iye dátà tó ti lọ sílẹ̀. Pa Wáì-Fáì gbogbo ẹ̀rọ àfi ọ̀kan, fi ìyẹn sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láì tẹ nǹkan kan, kí o padà wo iye náà. Lẹ́yìn náà, ó kan èkejì. Ṣọ́ra o: fóònù tó ti kó ẹrù rẹ̀ tán lóru máa dà bí aláìṣẹ̀ lọ́sàn-án.

Ní Felele wa yìí, láptọ́ọ̀pù Wíndóòsì ló jẹ̀bi. Ẹni tó ni ín fi í sí iná, kò pa á. Tẹ `resmon` síbi ìwákiri, ṣí `Network`, kí o wo ẹni tó wà lókè. `OneDrive.exe` ò nílò àlàyé. `svchost.exe` ló máa ń rú èèyàn lójú, torí abẹ́ rẹ̀ ni ìmúdójúìwọ̀n Wíndóòsì sábà máa ń sá sí.

Ṣé o mọ̀ pé bọ́tìnnì kan lè dín gbogbo èyí kù? Lọ síbi orúkọ Wáì-Fáì náà nínú `Settings`, tan `Metered connection`. Orúkọ yẹn nìkan ni bọ́tìnnì náà mọ̀. Tó o bá so láptọ́ọ̀pù mọ́ máífáì ẹlòmíì ní Ganaja lọ́la, wàá tún un tẹ̀. Má sì pa ìmúdójúìwọ̀n tì pátápátá, òun ló ń dí ihò tí àwọn olè orí íńtánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé. Dátà òru olówó pọ́ọ́kú ni kó o fi ṣe é.