Fọ́tò míta yín lè já bíìlì nírọ́, bí ẹ bá mọ̀ ọ́n kà

Lẹ́tà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń kọ sí ilé-iṣẹ́ apínná kì í ṣiṣẹ́, torí ẹ̀bẹ̀ àti ìbínú ló máa ń kún inú ẹ̀. "Owó yìí ti pọ̀ jù, a kì í sì í rí iná." Òótọ́ ni o, àmọ́ kí ni òṣìṣẹ́ tó jókòó sí ọ́fíìsì fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Kò sí nọ́ńbà kankan níbẹ̀ tó lè fi yẹ ìwé ọwọ́ ẹ̀ wò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ore àti Odigbo, tó jẹ́ pé wọ́n ń ka míta yín kí wọ́n tó mú bíìlì wá, fóònù yín lè ṣe ju ẹ̀bẹ̀ lọ. Ti àwọn tó ń ra iná sínú míta kí wọ́n tó lò ó yàtọ̀ sí èyí.

Ohun tẹ́ ẹ máa dì mú ni pé òǹkà míta kì í padà sẹ́yìn. Ká ní ṣọ́ọ̀bù kan tó ń ta ohun mímu tútù ní Ore gba bíìlì oṣù Kẹsàn-án. Bíìlì ní òǹkà oṣù Kẹjọ jẹ́ 18,012, àti pé ní ọgbọ̀njọ́ oṣù Kẹsàn-án, ó ti di 18,460. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ara wọn: yúnìtì 448. Bí yúnìtì kan bá jẹ́ ₦60, ₦26,880 nìyẹn. Owó orí ìdá méje àti ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún gbé e dé ₦28,896.

Lọ́jọ́ kẹfà oṣù Kẹwàá, oníṣọ́ọ̀bù ya fọ́tò míta. Nọ́ńbà tó wà lójú ẹ̀ jẹ́ 181426, èyí tó kẹ́yìn sì pupa. Ibí yìí ni ẹ ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra, torí nọ́ńbà pupa yẹn kì í ṣe odidi yúnìtì. Ìdá kan nínú mẹ́wàá ló ń kà. Òǹkà gidi jẹ́ 18,142. Bó bá jẹ́ míta aláwòrán oní-bátìrì ni, ojú ẹ̀ máa ń yí, ó lè gbé ọjọ́ tàbí agbára iná wá. Ẹ dúró de ojú ewé tó kọ kWh kẹ́ ẹ tó ya á.

Ṣé ẹ rí i báyìí? Bíìlì ní míta ti dé 18,460 lọ́gbọ̀njọ́ oṣù, ó wá ku 18,142 lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà. Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan fojú díwọ̀n ẹ̀ ni, àbí kó jẹ́ pé míta ẹlòmíì ló kà. Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ yín máa fi kọ lẹ́tà náà, àmọ́ ohun tó yẹ kó wà nínú ẹ̀ nìyí:

"Nọ́ńbà míta mi wà lókè. Bíìlì yín ní òǹkà jẹ́ 18,460 ní ọgbọ̀njọ́ oṣù Kẹsàn-án. Fọ́tò tí mo fi sínú lẹ́tà yìí, tí mo yà lọ́jọ́ kẹfà oṣù Kẹwàá, fi 18,142 hàn. Mo gba òǹkà 18,012 tẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá tiẹ̀ ka gbogbo iná tí mo lò títí di ọjọ́ fọ́tò mọ́ oṣù Kẹsàn-án, yúnìtì 130 péré ni, tó jẹ́ ₦8,385 pẹ̀lú owó orí. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ wá ka míta náà níṣojú mi, kẹ́ ẹ sì dá ₦20,511 tó lé padà sínú àkáǹtì mi."

Ó tán. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ ìràwọ̀ tó jábọ́ tàbí ìyà ìlú kún un, ìyẹn ń fún wọn láyè láti dáhùn ohun mìíràn.

Kí nọ́ńbà míta àti òǹkà jọ hàn nínú fọ́tò kan náà, torí òǹkà láìsí nọ́ńbà míta lè jẹ́ ti aládùúgbò. Wọ́n tún lè sọ pé míta yín ti bàjẹ́, pé kò rìn mọ́. Nítorí náà, ẹ ya òmíràn lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá. Bí ó bá ti di 18,179, yúnìtì mẹ́ta lé díẹ̀ lóòjọ́ nìyẹn, ó sì bá ti tẹ́lẹ̀ mu. Ẹ má pa fọ́tò àkọ́kọ́ rẹ́ kúrò lórí fóònù, torí WhatsApp máa ń yọ ọjọ́ tẹ́ ẹ yà á kúrò lára èyí tẹ́ ẹ bá fi ránṣẹ́ bí àwòrán lásán.

Ibi tí agbára fọ́tò mọ nìyí: ká ní òǹkà ọjọ́ kẹfà jẹ́ 18,500, kò já bíìlì nírọ́ rárá, torí ẹ ti lè dé 18,460 kẹ́ ẹ tó yà á. Ẹ má wulẹ̀ kọ lẹ́tà nígbà yẹn jàre.

Ẹ̀dà méjì ni kẹ́ ẹ gbé lọ sí ọ́fíìsì wọn, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sí èyí tó máa wà lọ́wọ́ yín. Láìsí òǹtẹ̀ yẹn, ẹni tẹ́ ẹ máa gbé ọ̀rọ̀ lọ bá lókè kò ní rí ẹ̀rí pé ẹ ti kọ́kọ́ bá ilé-iṣẹ́ sọ ọ́. NERC ni gbogbo wa mọ̀ fún irú ẹjọ́ báyìí tẹ́lẹ̀. Àmọ́ lọ́dún 2024, NERC kéde pé òun ń gbé àbójútó iná ní ìpínlẹ̀ Oǹdó lé àjọ ìpínlẹ̀ fúnra ẹ̀, OSERB, lọ́wọ́, nítorí náà Àkúrẹ́ ni kẹ́ ẹ kọjú sí.

Ẹnì kan lè sọ fún yín ní káńtà pé kẹ́ ẹ fi sílẹ̀, pé àṣìṣe náà á tún ara ẹ̀ ṣe lóṣù tó ń bọ̀. Ìyẹn á ṣẹlẹ̀ bí ẹni tó ń ka míta bá wá lóòótọ́. Bí wọ́n bá tún fojú díwọ̀n, orí 18,460 ni wọ́n máa ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo bíìlì oṣù Kẹwàá dáadáa tó bá dé: bí òǹkà tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ bá ṣì jẹ́ 18,460, wọn ò tíì ṣe àtúnṣe kankan.