Ọjọ́ Mélòó Ló Yẹ Kó Pé Ká Tó Fọ Irun Tí Ìdí Rẹ̀ Ń Yọ Epo, Tí Ẹnu Rẹ̀ Sì Gbẹ?

Ìbéèrè tí mo ń gbọ́ jù ní họ́sítẹ́ẹ̀lì wa ní Jọ́ọ̀sì níbí ni pé: "Orí mi ti ń yọ epo, ẹnu irun mi sì ń kán. Ṣé kí n fọ̀ ọ́ ni àbí kí n fi í sílẹ̀?"

Ohun tó ń fà á rèé. Awọ orí ló ń ṣe epo, irun fúnra rẹ̀ kì í ṣe é. Lára irun tó nà tààrà, epo yìí máa ń rìn sọ̀ kalẹ̀. Àmọ́ irun tiwa lọ́, ó sì ká, epo kì í tètè dé ìsàlẹ̀. Ìdí irun ló ń jókòó sí. Ẹnu irun ló sì pẹ́ jù lórí, òun ni òòyà àti ìrọ̀rí ti ha jù. Tí ọyẹ́ bá wá fẹ́, ó parí!

Nítorí náà, awọ orí ni kó máa sọ ọjọ́ tí a ó fọ irun. Ẹnu irun tó gbẹ ò wá ọṣẹ, ìpara ló ń wá.

Ọ̀rẹ́ mi kan dán an wò. Ó fọ irun ní Sátidé, kò fi nǹkan kan pa awọ orí. Lálaalẹ́, ó ń tẹ tíṣù funfun mọ́ ojú ìlà irun rẹ̀. Títí di Túsìdeè, tíṣù gbẹ. Ní Ọjọ́bọ̀, epo díẹ̀ hàn lára rẹ̀. Nígbà tó di Fúráìdè, epo ti rin tíṣù, orí sì ti ń yún un. Ó fọ̀ ọ́ ní Sátidé. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ló bá tirẹ̀ mu nìyẹn. Ẹlòmíì lè lo ọ̀sẹ̀ méjì kí tirẹ̀ tó rí bẹ́ẹ̀.

Bó ṣe ń fọ̀ ọ́ náà ṣe pàtàkì. Ó pín irun sí mẹ́rin, ó kọ́kọ́ fi òrí pa ẹnu irun. Awọ orí nìkan ló fi ṣampú sí, ọmọ ìka ló fi ń rà á, kì í ṣe èékánná. Fóòmù tó ń ṣàn wálẹ̀ ti tó fún ẹnu irun, kò bó o rárá. Lẹ́yìn tó ṣan án, ẹnu irun nìkan ló fi kọndíṣọ́nà sí, ó sì tún ṣan ìyẹn kúrò. Kí irun tó gbẹ tán, ó fi òrí díẹ̀ pa ẹnu rẹ̀, ó sì dì í.

Tí ẹnu irun bá ń le sí i lẹ́yìn ìfọ̀, ẹ wò ó bóyá ṣampú ń débẹ̀ jù. Tí ẹ bá sì ń kun awọ orí lójoojúmọ́, tíṣù ò ní sọ òótọ́ fún yín, torí ìpara yín ló máa gbé jáde.

Àmọ́ tí orí bá ń yún tó sì ń ré bí ìyẹ̀fun bẹ́ẹ̀ náà lẹ́yìn tí ẹ fọ̀ ọ́, ẹ lọ rí nọ́ọ̀sì wa. Ìyẹn ti kọjá ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìfọ̀.